Nẹ́ẹ̀tì Wà Nílé, Ibà Ò Lọ

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Nẹ́ẹ̀tì tí ẹ fún wa yẹn ò ṣiṣẹ́.”

Bí ìyá ọmọ náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Keje, bó ti gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lé itan lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn wa ní ìgbèríko Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ara rẹ̀ ń jó bí iná, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó sì ti kọ oúnjẹ láti àná. Mo ṣí káàdì rẹ̀ wò. Ìgbà kẹta nìyí tí wọ́n ń gbé e wá láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

A gún un lọ́mọníka, a kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín sójú ohun èlò àyẹ̀wò, a kán omi rẹ̀ tẹ̀lé e, a sì dúró fún ìṣẹ́jú 15. Ìlà méjì ló yọ. Àmọ́ ohun èlò yẹn lè máa fi ìlà méjì hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ọmọ bá ti lo oògùn tó sì ti gbádùn, nítorí náà a tún fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kòkòrò ibà wà níbẹ̀. Ibà ń ṣe é lọ́wọ́, kì í ṣe àmì àtijọ́ ni ìlà méjì yẹn.

N kò bá ìyá náà jiyàn. Ẹni tó ti gbé ọmọ kan ṣoṣo wá sílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín òjò kan, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: “Níbo ni ọmọ yìí sùn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn?”

Ó wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ló yẹ kí gbogbo òbí máa bi ara wọn nígbà tí ara ọmọ bá gbóná. Ẹ̀fọn àná kọ́ ló fa ibà òní. Láti òru tí ẹ̀fọn bá ti fi kòkòrò ibà sára ọmọ, ó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ 10 sí 15 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kòkòrò náà á kọ́kọ́ lọ fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, á máa bí sí i níbẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, lẹ́yìn náà ni á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ibà gbà wọlé, kó ronú padà sí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

“Orí ẹní ló ń sùn,” ìyá náà dáhùn. “Nínú pálọ̀. Látìgbà tí mo ti bí àbúrò ẹ̀ nínú oṣù Kẹta ni. Bẹ́ẹ̀dì ò gbà wá mọ́.”

“Nẹ́ẹ̀tì ńkọ́?”

“Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Nọ́ọ̀sì.”

Bí ó ti sọ̀rọ̀ yìí tán, òun fúnra rẹ̀ dákẹ́. A fún ọmọ náà ní oògùn ibà tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, èyí tí yóò lò fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo sì bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí n wá wo ilé lọ́jọ́ kejì.

Mo ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí tó pọ̀ tó láti mọ̀ pé kì í ṣe ti ilé kan. Ọmọ tuntun dé, wọ́n gbé e sáàárín bàbá àti ìyá lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì di ará pálọ̀. Kò sẹ́ni tó lé e jáde. Àyè ni kò sí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin ṣì wà nínú àwọn tí ibà ń pa jù. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé 597,000 ènìyàn ni ibà pa káàkiri ayé. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó kú, bíi mẹ́ta jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí Áfíríkà pàdánù. Nígbà tí ọmọ yìí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ààbò rẹ̀ kò bá a lọ.

Yàrá àti pálọ̀ ni ilé wọn, nínú ọgbà kan tí ìdílé mẹ́fà jọ ń gbé. Mo wọ yàrá, mo gbójú sókè. Nẹ́ẹ̀tì náà funfun láú. Ó ń ta sánsán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá wọlé.

“Oṣooṣù ni mo ń fọ̀ ọ́,” ìyá náà sọ, inú rẹ̀ sì dùn bó ṣe ń sọ ọ́. “Mo máa ń rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ oníyẹ̀fun mọ́jú, mo máa ń kán blíìṣì sí i, màá wá sá a sóòrùn títí á fi gbẹ kanrin. Kò sí ìdọ̀tí lára ẹ̀ rárá.”

Obìnrin náà mọ́ tónítóní, ẹni tó bá dé ilé rẹ̀ á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìmọ́tótó yẹn ló sì ti fọ oògùn kúrò lára nẹ́ẹ̀tì náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Abo ẹ̀fọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ẹyin tó fẹ́ yé. Irú èyí tó ń gbé ibà kiri là ń pè ní anọ́fẹ́lísì. Bó bá bà sára ògiri, ìdí rẹ̀ máa ń nà sókè, orí rẹ̀ á sì dojú kọ ògiri, bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó gún ògiri ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọn gọ́tà tí gbogbo wa mọ̀, pẹrẹsẹ ló máa ń bà. Òru ni anọ́fẹ́lísì ń jáde, láàárín òru sí ìdájí ló sì ń jẹni jù, nígbà tí oorun ti wọ̀ wá lára. Èémí tí à ń mí síta, òórùn ara wa àti ooru ara wa ló fi ń tọpasẹ̀ wa. Nǹkan mẹ́ta yìí sì máa ń gòkè ni, bí èéfín. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi kámẹ́rà ṣọ́ ẹ̀fọn níbi tí ènìyàn ti sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, orí òrùlé nẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀kánkán òkè ẹni tó sùn, ni wọ́n ti rí i pé ẹ̀fọn ń rọ́ wìtìwìtì jù, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Níbẹ̀ ni oògùn ti ń dúró dè é. Wọ́n ti po oògùn apẹ̀fọn mọ́ òwú nẹ́ẹ̀tì náà láti ilé iṣẹ́. Bí ẹ̀fọn bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tó ń rìn lórí rẹ̀, tó ń wá ihò tí yóò gbà wọlé, oògùn á ti ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ara rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á já bọ́, á kú. Ìdí nìyí tí nẹ́ẹ̀tì tó ní ihò díẹ̀, tí oògùn rẹ̀ ṣì múná, fi wúlò ju nẹ́ẹ̀tì tó pé pérépéré tí oògùn rẹ̀ ti tán lọ. Bí oògùn bá tán, ọmọ kan yóò fi apá ti nẹ́ẹ̀tì lójú oorun, ẹ̀fọn yóò dúró síta, yóò sì ki ẹnu rẹ̀ gba ojú àwọ̀n mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yó.

Ọṣẹ líle, blíìṣì àti oòrùn ni ọ̀tá oògùn yìí. Bí oòrùn ṣe ń mú àwọ̀ aṣọ aláràbarà wa ṣá, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ba oògùn ara nẹ́ẹ̀tì jẹ́. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí pé láyé ọjọ́un, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni a ń ní kí wọ́n kó nẹ́ẹ̀tì wá kí a tún un rì sínú oògùn. Ọ̀pọ̀ kì í kó o wá. Èyí tí à ń pín báyìí kò nílò àtúnrì. Wọ́n ṣe é kí oògùn rẹ̀ lè fara da ìfọ̀ 20, kó sì lò tó ọdún mẹ́ta. Ẹ bá mi ṣírò ti ìyá yìí. Ẹni tó bá ń fọ nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, oṣù 20 ni ìfọ̀ 20 rẹ̀ pé, kódà ká ní ọṣẹ ìwẹ̀ lásán ló fi ń fọ̀ ọ́. Nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ti lé ní oṣù 22, blíìṣì àti oòrùn ni ó sì fi ń ṣe é. Ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ìfọ̀ 12 péré ni yóò fọ̀ ọ́ ní ọdún mẹ́ta tó yẹ kó lò.

Nǹkan mìíràn tún wà tó mú kí fífi oògùn yìí ṣòfò dùn mí. Àwọn ẹ̀fọn wa ní Nàìjíríà ti ń le sí oògùn àtijọ́ tí a fi ń ṣe nẹ́ẹ̀tì. Ara wọn ti mọ ọ̀nà láti sọ ọ́ di aláìlágbára kó tó pa wọ́n. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi èròjà kejì sí, tí à ń pè ní píbíò. Èròjà yìí kì í pa ẹ̀fọn fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà tí ara ẹ̀fọn ń gbà fọ́ oògùn túútúú, kí oògùn lè rí iṣẹ́ ṣe. Ní 2023 ni wọ́n tún fọwọ́ sí èyí tó ní oríṣi oògùn méjì lára. Gbogbo làálàá yẹn, omi blíìṣì inú báfù kan ló lè gbé e lọ.

Mo bi ìyá náà pé nẹ́ẹ̀tì mélòó ni wọ́n gbà nígbà tí wọ́n ń pín in. Nẹ́ẹ̀tì kan fún ènìyàn méjì ni ìlànà, mo sì mọ̀ pé oyún ọmọ kékeré kò tíì sí nígbà náà. Ó ní méjì ni. Nítorí pé mẹ́ta ni wọ́n nílé nígbà yẹn, wọ́n yí i sókè. Èkejì dà? Ó wọlé, ó ṣí àpótí aṣọ òkè, ó sì fà á yọ lábẹ́ ìborùn, inú ọ̀rá rẹ̀ ló ṣì wà, wọn ò já a rí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba nẹ́ẹ̀tì méjèèjì, alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ta ọ̀kan. Kò pẹ́ tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n, imú ń ṣe wọ́n yúnyún, ọmọ sì ké mọ́jú. Wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tó lè sùn sábẹ́ rẹ̀. Èkejì ni wọ́n wá tọ́jú, pé bí èyí bá gbó tán, wọ́n á yọ ọ́. Ẹ̀rù àti ìtọ́jú nǹkan ló so nẹ́ẹ̀tì náà mọ́ inú àpótí.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ti sọ fún wọn níbi tí wọ́n ti gbà á ni pé nẹ́ẹ̀tì tuntun, a kì í sùn sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá já a. Ẹ já ọ̀rá rẹ̀, ẹ ta á sí ibi ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, lábẹ́ dẹ̀kẹ̀ tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, fún wákàtí 24. Oògùn tó pọ̀ jù lójú òwú á fẹ́ kúrò, òórùn rẹ̀ á dínkù. Bí ó bá ṣì ta ojú ẹnìkan díẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, kó fi omi tútù bọ́jú. Kò ní pẹ́ lọ. Ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lò ó. Ọmọ ilé yìí ti lo oṣù mẹ́rin lórí ẹní láìní nẹ́ẹ̀tì, nígbà tí nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i, nínú àpótí.

A ta tuntun náà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, a tú ti àtijọ́ sílẹ̀, a tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ihò ara rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ nẹ́ẹ̀tì wò ń gbà kà á rọrùn, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é nílé. Ọwọ́ àti orí ẹni ni òṣùwọ̀n. Ihò tí àtàǹpàkò kò lè wọ̀, àmì 1 ni. Ihò tí àtàǹpàkò wọ̀ ṣùgbọ́n tí ìkúùkù kò wọ̀, àmì 23. Èyí tí ìkúùkù wọ̀ ṣùgbọ́n tí orí kò wọ̀, àmì 196. Èyí tí orí lè wọ̀, àmì 576. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dé 643 sókè, nẹ́ẹ̀tì náà ti gbó kọjá lílò. Ẹ wo bí àmì náà ṣe ń fò sókè. Ẹ̀fọn kò ka iye ihò, bí ihò ṣe fẹ̀ tó ló ń wò; ihò kan tí ìkúùkù wọ̀ burú ju ihò kéékèèké ọgọ́rùn-ún lọ.

Lára nẹ́ẹ̀tì ìyá yìí, ihò kéékèèké mẹ́sàn-án ló wà, iṣẹ́ ìṣó àti èékánná ọmọ. Mẹ́rin wà tí àtàǹpàkò mi wọ̀, tí wọ́n to ara wọn lọ ní etí ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ki í bọ abẹ́ fómù tí igi bẹ́ẹ̀dì sì ń ha á. Ọ̀kan wà tí ìkúùkù mi wọ̀, ẹ sì gbọ́ ibi tó wà: òrùlé ni, apá ibi ìrọ̀rí. Iná àbẹ́là ló jó o lọ́jọ́ kan tí kò síná. Etí rẹ̀ ti le, ó ti dúdú. Mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ìgbà mẹ́rin 23 tó jẹ́ 92, pẹ̀lú 196: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 297. Kò tíì gbó kọjá lílò. Bí a bá rán ihò òrùlé nìkan, ó bọ́ sí 101. Bí a bá tún rán mẹ́rin ti ìsàlẹ̀, ó ku mẹ́sàn-án péré. Ihò márùn-ún, abẹ́rẹ́ kan, òwú díẹ̀. Ìyá àgbà, tó ti wá bá wọn gbé lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gba nẹ́ẹ̀tì, ló gbà á lọ́wọ́ wa, ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó fi àlẹ̀mọ́ àjákù aṣọ kan rán ti òrùlé, ó sì fa etí ihò mẹ́rin tó kù pọ̀, ó so wọ́n ní kókó. Kò ju wákàtí kan lọ.

Rírán kò dá oògùn padà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́. Nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yìí ti di àwọ̀n lásán, tó lè dí ẹ̀fọn lọ́nà ṣùgbọ́n tí kò lè pa á mọ́. Nítorí náà a pín wọn: tuntun tó ní oògùn di ti pálọ̀ fún ìgbà díẹ̀, lórí ẹní tí ọmọ ọdún mẹ́rin àti ìyá àgbà ń sùn sí, ti àtijọ́ dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, kí fómù sì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká, kí ọmọ ọwọ́ má sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ tó ti ń kan àwọ̀n. Mo kọ orúkọ ìyá náà sílẹ̀ pé kó wá gba òmíràn lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, torí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ìgbà tí a ń fún àwọn abiyamọ ní nẹ́ẹ̀tì bí ó bá wà nílẹ̀.

Títa nẹ́ẹ̀tì sínú pálọ̀ ló gba ọgbọ́n. Pálọ̀ ni wọ́n ti ń gbàlejò lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àlejò máa forí gbá nẹ́ẹ̀tì. Bàbá ọmọ náà kan ìṣó mẹ́rin sí igun ògiri lókè, ó so okùn gígùn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nẹ́ẹ̀tì. Lálẹ́, wọ́n á so okùn mọ́ ìṣó, òrùlé á tẹ́, wọ́n á sì ki etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní yíká. Láàárọ̀, wọ́n á ká a sókè, wọ́n á so ó ní kókó jìnnà sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé dé, jìnnà sí sítóòfù àti àbẹ́là. Kókó òwúrọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ọ̀sán ni nẹ́ẹ̀tì máa ń ya, nígbà tó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ tí àwọn ọmọ sì ń fi í ṣeré.

Ní ti fífọ̀, mo ní kó wò ó pé kó dọ̀tí lójú kó tó fọ̀ ọ́. Báfù, omi tútù, ọṣẹ ìwẹ̀ lásán. Kó rọra fi ọwọ́ pò ó, kó má rẹ ẹ́ mọ́jú, kó má bó o mọ́ òkúta. Kó sá a síbi ìbòòji. Kó má sì da omi rẹ̀ sódò tàbí sínú ìṣàn omi, torí oògùn tó ń pa ẹ̀fọn yìí ń pa ẹja; inú ṣáláńgá tàbí ihò ilẹ̀ tó jìnnà sí kànga ló yẹ ẹ́.

Ìyá àgbà tó ń rán nẹ́ẹ̀tì wá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀. “Ọmọ mi, ẹ ò wá sọ̀rọ̀ oòrùn? Ọmọ yìí kì í kúrò nínú oòrùn. Ibẹ̀ ni ibà ti ń mú un.” Èrò yìí wọ́pọ̀ láàárín wa, pé oòrùn, iṣẹ́ àṣekúdórógbó tàbí òróró jíjẹ ló ń fa ibà, kì í sì í ṣe èrò òmùgọ̀. Ẹni tí kòkòrò ibà ti wà lára rẹ̀, tó ṣiṣẹ́ nínú oòrùn lọ́sàn-án, tí ara rẹ̀ wá gbóná lálẹ́, oòrùn ló rántí. Kò lè rántí ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́ lójú oorun ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo sọ fún màmá pé oòrùn ń mú kí ó rẹni, ó sì ń mú kí orí fọ́ni, ṣùgbọ́n kòkòrò ibà kò sí nínú rẹ̀. Láti 1897 tí dókítà Rónáàdì Rọ́ọ̀sì ti rí kòkòrò náà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà ni a ti mọ ẹni tó ń gbé e kiri. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á bá ẹ̀fọn jà, òun ò sì ní jẹ́ kí ọmọ lọ sóòrùn náà. Mo gbà fún un.

Baálé ọgbà náà ní àwọn ti ro gọ́tà, pé owó ni àwọn dá. Gọ́tà dídọ̀tí ń bí ẹ̀fọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń gbé ibà. Anọ́fẹ́lísì fẹ́ràn omi tó mọ́, tí oòrùn ń ràn sí: ojú ipa táyà ọkọ̀, ojú ẹsẹ̀ màlúù, kòtò tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ti wa iyanrìn. Lẹ́yìn ilé wọn gan-an, mo rí ipa táyà kan tí òjò ti kún. Mo na ọwọ́ sí i, tánwíjí sì ń jó nínú rẹ̀. Bíi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin ń gbà di ẹ̀fọn tó ń fò. Wọ́n rọ́ iyanrìn dí i. Ṣùgbọ́n lásìkò òjò, kò sí ẹni tó lè dí gbogbo ojú ipa ẹsẹ̀ inú àdúgbò, ìdí sì nìyẹn tí nẹ́ẹ̀tì fi ṣì ni ohun àkọ́kọ́.

Ooru ńkọ́? Òótọ́ ni, ooru máa ń mú lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, pàápàá nígbà tí kò bá sí iná. N kì í bá ènìyàn jiyàn lórí èyí. Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ ni kí òrùlé rẹ̀ ga, kí ó tẹ́, kí a ta á sí ọ̀kánkán fèrèsé tó ní àwọ̀n. Àwọn tó ń sùn síta títí ooru á fi rọ̀, kí wọ́n ta á síta pẹ̀lú wọn, kí wọ́n sì gbé e wọlé kí oòrùn tó yọ. Àwọn ọmọdé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Àgbà lè jókòó síta nínú aṣọ gígùn díẹ̀ sí i. Nẹ́ẹ̀tì kò lè gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀fọn tó bá jẹ wá kí a tó wọ abẹ́ rẹ̀, n kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Kí n tó kúrò, a pe àwọn ìdílé márùn-ún tó kù jọ. Mo sọ ohun tí wọ́n rí ní Asẹ́ḿbò fún wọn, ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, níbi tí àwọn onímọ̀ ti pín nẹ́ẹ̀tì olóògùn fún àwọn abúlé kan tí wọ́n sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ láìpín fún ìgbà díẹ̀. Àwọn ilé tí kò ní nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí wọn kò jìnnà ju 300 mítà sí àwọn tó ní, ibà dínkù lọ́dọ̀ tiwọn náà, ikú àwọn ọmọ wọn sì dínkù. Ẹ̀fọn tó kú lórí nẹ́ẹ̀tì ilé kan kò tún lè fò lọ jẹ ọmọ ilé kejì. Nígbà tí mo béèrè ẹni tó tún ní nẹ́ẹ̀tì nínú àpótí, obìnrin mẹ́ta ló nawọ́.

Ní oṣù Kẹwàá, ìyá náà tún gbé ọmọ yẹn wá. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́. Àyẹ̀wò mú ìlà kan ṣoṣo jáde. Ibà kọ́, ikọ́ ni, ikọ́ ni a sì tọ́jú. Bí kò bá gbé e wá fún àyẹ̀wò, oògùn ibà ló máa fún un nílé, ikọ́ á sì máa jẹ ọmọ nínú lọ. Bí ara ọmọdé bá gbóná, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò kí ọjọ́ kan tó kọjá. Bí gìrì bá mú un, bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tó ń sùn tí ẹ ò rí i jí, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó pa iná, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí òrùlé nẹ́ẹ̀tì yín, ẹ wo ihò tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù síta, ẹ lọ ṣí àpótí.